Ẹ̀dà Ọlọ́jọ́ ti Iye Oṣù

Ẹ̀dà ọlọ́jọ́ ni ẹ̀dà dátà tí a tọ́jú pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà á jáde, kí àwọn tó ń yẹ ìwé wò lè tún iye ìparí oṣù rí. Ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà, bíi ti Nàìjíríà yòókù, orí DHIS2 ni àkọsílẹ̀ oṣooṣù àwọn ilé ìwòsàn ń lọ, ìròyìn tó pẹ́ dé sì máa ń yí iye padà. Ká ní a ka ìbí 212 fún oṣù kẹta ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, tí ilé ìwòsàn kan wá fi 9 kún un lẹ́yìn náà, 221 nìkan ni a ó máa rí. Ẹ̀rí 212 kò sí mọ́, àfi bí fáìlì `ibi_2024-03_2024-04-15.csv` bá wà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan lé e. Lóòótọ́, DHIS2 ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, ṣùgbọ́n ti iye kọ̀ọ̀kan ni. Iṣẹ́ ńlá ni láti fi í ṣa àpapọ̀ ọjọ́ kan jọ. Fáìlì náà kò ní kí 212 tọ̀nà. Ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ń jẹ́rìí sí.