Ìpín Olúkúlùkù Nínú Àjọkà

“Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.” Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni òwe yìí ń sọ, síbẹ̀ ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pín orí ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ wí. Olúkúlùkù a ṣe àkékúrú orí kan, a sì kọ ìbéèrè tí àwọn yòókù yóò dáhùn. Àkékúrú ni ọ̀pọ̀ ń kà sí iṣẹ́. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń ṣeré. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pàdánù.

Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà méjì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n tún ọ̀kan kà. Fún ìkejì, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àtúnkà ló mókè. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá, èyí tí wọ́n fi ìrántí kọ sílẹ̀ ni wọ́n ṣì rántí jù. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ń mú kí èèyàn ṣe.

Àmọ́ ìbéèrè ju ìbéèrè lọ. Ká mú Báyọ́lọ́jì tí wọ́n ń ṣe ní Wáẹ̀kì ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí orí àjogúnbá kàn lè béèrè pé, “Kí ni jẹ́nótáìpù?” Kò burú, àmọ́ ẹni tó há a sórí lásán náà á gbà á. Ó sàn kó béèrè báyìí: bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ọmọ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ bí, kò sí SS nínú wọn. Kí ni ìṣeéṣe pé ìkẹrin yóò jẹ́ SS? Ìdáhùn mẹ́rin: 0, 1/4, 1/2, 1.

1/4 ló tọ̀nà, nítorí oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò ka ti ẹ̀gbọ́n sí. Ẹni tó mú 1 gbà pé ó ti kan ẹni tí yóò jẹ́ SS. Ẹni tó mú 1/2 ti fi ìṣirò AS dáhùn. Ìdáhùn ẹ̀tàn tó dáa máa ń sọ ibi tí ẹni tó ṣìnà ti yà bàrá.

Ewu kan wà: bí ẹni tó ni orí kan bá ṣì í, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa há àṣìṣe náà sórí. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ojú ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn sì fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó pín in. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá kùnà ìbéèrè kan, ìbéèrè tàbí àkékúrú ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí gbogbo wọn bá gbà á láì ronú, kí wọ́n yọ ọ́.

Kí olúkúlùkù ṣì ka orí tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán. Ohun tí ẹni tó ṣe àkékúrú fò, Wáẹ̀kì lè má fò ó.