Fátíwà, ìdájọ́ Kádì àti ìjítíhádì: Kí ló ya wọ́n sọ́tọ̀?

Bí àríyànjiyàn bá wọ inú ilé Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé, "Ààfáà ti dá a." Nígbà mìíràn, ààfáà kò dá ẹjọ́ kankan. Ìbéèrè ni ẹnì kan bi í, ó sì dáhùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré: òun ló lè sọ bóyá obìnrin kan ṣì jẹ́ aya ọkọ rẹ̀ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, òun náà ló sì lè sọ bóyá owó tí ẹnì kan mú jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tàbí ó jí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀.

Ìtumọ̀ wọn

Ìjítíhádì ni kí onímọ̀ tó kún ojú òṣùwọ̀n lo gbogbo agbára rẹ̀ láti wá òfin Ṣẹ̀ríà lórí ọ̀rọ̀ tí Àlùkùránì àti Súnnà kò ti ṣe é ní pàtó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe kedere, kò sí ìjítíhádì níbẹ̀. Kò sí onímọ̀ tó lè fi ìjítíhádì sọ pé raka mẹ́ta ni ìrun àsùbáà.

Fátíwà ni kí onímọ̀ sọ òfin ẹ̀sìn fún ẹni tó bi í léèrè. Ohun tí olùbéèrè bá sọ ló máa dáhùn lé lórí. Kò ní pe ẹnì kejì, kò ní gba ẹ̀rí, kò sì ní agbára láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe é. Kì í sì í ṣe gbogbo fátíwà ló ti inú ìjítíhádì wá. Ọ̀pọ̀ ààfáà ilẹ̀ wa ń sọ ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ ti kọ sínú ìwé ọ̀nà Ímáámù Málíkì fún wa ni, kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a.

Ìdájọ́ ni kí ẹni tí a fi jẹ Kádì gbọ́ ẹjọ́ láti ẹnu àwọn méjèèjì tó ń jà, kí ó gba ẹ̀rí tàbí ìbúra, kí ó wá dá a. Ohun tó bá dá di dandan fún wọn, yálà ó tẹ́ wọn lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àpẹẹrẹ kìíní: Híńdì àti ọkọ rẹ̀

Nínú hádíìsì tí Búkárì àti Músílímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ìyá wa Áíṣátù, Híńdì ọmọ Útúbà lọ bá Ànábì wa Mùhámmádù (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó ní ahun ni ọkọ òun, Ábú Súfíyánù, kì í fún òun ní ohun tó tó òun àti ọmọ òun, àyàfi èyí tí òun bá mú nínú owó rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ànábì gbà á láàyè kí ó máa mú ohun tó tó òun àti ọmọ rẹ̀, ní ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ohun tó tọ́.

Àwọn onímọ̀ wá béèrè pé: ṣé fátíwà ni ìdáhùn yìí ni, àbí ìdájọ́? Ṣíábùdíìnì Al-Káráfì, onímọ̀ ọ̀nà Málíkì ní ilẹ̀ Íjíbítì tó kú ní ọdún 684 Híjírà, kọ odindi ìwé kan lórí bí a ṣe ń dá fátíwà àti ìdájọ́ mọ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ Híńdì yìí sì wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀.

Kí ni ìdáhùn náà yóò yí padà? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ aránṣọ kan wò ó. Ẹnì kan jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́, 80,000 náírà, ó sì ń sẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ kan, aránṣọ yìí rí owó onígbèsè náà lórí káńtà, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Híńdì bá jẹ́ fátíwà, òfin tó kárí gbogbo ènìyàn ni: ẹni tí wọ́n dù ní ẹ̀tọ́ lè mú ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá rí i, kò sì gbọdọ̀ lé ní 80,000 yẹn. Ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn Ímáámù Ṣáfíì sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdájọ́, ti Híńdì nìkan ni. Aránṣọ gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ adájọ́ kí ó tó fọwọ́ kan owó. Èyí ló gbajúmọ̀ jù ní ọ̀nà Málíkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé. Ó sì yẹ kí aránṣọ rántí pé olè ni ọlọ́pàá yóò pe irú owó mímú bẹ́ẹ̀.

Àmì wo ló wá fi hàn pé fátíwà ni? Wọn kò ránṣẹ́ pe Ábú Súfíyánù, bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú náà ni. Wọn kò bi Híńdì ní ẹ̀rí. Wọn kò sì dá iye kan lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ìwọ̀n náà sí lọ́wọ́. Nítorí irú àwọn àmì báyìí ni Ímáámù Náwáwì ṣe sọ pé fátíwà ni. Ẹ fi àmì mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún nílò wọn.

Àpẹẹrẹ kejì: ogún tí Séyídìnà Úmárù pín lẹ́ẹ̀mejì

Wọ́n gbà á wá pé ní ìgbà tí Úmárù ọmọ Katáábù jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ogún kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan kú, kò bímọ. Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún fi àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí bàbá wọn yàtọ̀ sílẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà àti bàbá kan náà. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a sọ pé owó ogún jẹ́ 1,200,000 náírà, àti pé ọmọ ìyá tí bàbá yàtọ̀ jẹ́ méjì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ìyá àti bàbá kan náà sì jẹ́ méjì.

Ọkọ gba ìdajì, nítorí kò sí ọmọ: 600,000. Ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, nítorí àwọn ọmọ ìyá olóògbé lé ní ẹyọ kan: 200,000. Àwọn ọmọ ìyá tí bàbá yàtọ̀ jọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta: 400,000. Owó ti tán. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ìyá kan, bàbá kan máa ń gbà, kò sì sí ohun tó ṣẹ́kù. Bí Úmárù ṣe dá a nìyẹn: àwọn ọmọ ìyá tí bàbá yàtọ̀ gba 200,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù kò rí nǹkan kan.

Nígbà tó yá, irú ẹjọ́ yìí tún dé. Àwọn tó jẹ́ ìyá kan, bàbá kan sọ pé, bí a bá tilẹ̀ ka bàbá àwọn sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ṣebí ìyá kan náà ló bí gbogbo àwọn. Úmárù tún ọ̀rọ̀ náà rò, ó sì pa gbogbo wọn pọ̀ sórí ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn. Nínú ìṣirò tiwa, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gba 100,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi í nípa ẹjọ́ ti àkọ́kọ́. Kò pe àwọn ará ibẹ̀ padà láti dá owó. Èyí tó ti dá tẹ́lẹ̀ dúró bí ó ṣe dá a, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá náà dúró.

Ìjítíhádì rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ ti àtijọ́ kò yí. Láti inú irú èyí ni àwọn onímọ̀ ti sọ pé ìjítíhádì kan kì í tú ìdájọ́ tó ti inú ìjítíhádì mìíràn jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ogún tí yóò pín tán láéláé.

Títí di òní, fátíwà lórí ọ̀rọ̀ yìí pín sí méjì. Ọ̀nà Málíkì àti ti Ṣáfíì ní kí wọ́n jọ pín in. Ọ̀nà Ábú Hánífà àti ti Áhmádù ní kí wọ́n má pín in. Ìdílé kan lè gba fátíwà kan ní Ìbàdàn, kí ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gba òmíràn lọ́wọ́ onímọ̀ ọ̀nà Ábú Hánífà. Kò sí èyí tó lè fi fátíwà tirẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bí Kádì bá ti mú ọ̀kan dá ẹjọ́, àríyànjiyàn ti parí láàárín wọn.

Ìdájọ́ náà ní ààlà. Adájọ́ ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ni. Ànábì kìlọ̀ pé bí ẹnì kan bá fi ẹnu dídùn gba ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ níwájú òun, iná ni ó gbà. Ẹni tó bá fi ìwé èké jẹ̀bi ẹlòmíràn ní kóòtù, owó náà kò di hàláálì fún un.

Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Ìpínlẹ̀ Kwárà ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ̀ríà, èyí tí òfin ọdún 1999 fọwọ́ sí fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ẹ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ìjọba kò dá irú kóòtù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ní ìgbìmọ̀ Ṣẹ̀ríà tiwọn ní àwọn ìlú kan. Àdéhùn àwọn méjèèjì tó ń jà ni agbára irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jọ gbà pé kí ó dá ẹjọ́ àwọn, ó di dandan fún wọn ní ojú ẹ̀sìn, bí kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá tí yóò mú un ṣẹ.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Obìnrin kan sọ fún ààfáà pé ọkọ òun ti lọ fún ọdún méjì, kò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Ààfáà dáhùn pé ní ọ̀nà Málíkì, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà. Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbọ́ ọ bí ẹni pé ìgbéyàwó ti tú, ó ka ìdà rẹ̀ pé, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ dá a wò pẹ̀lú àmì mẹ́ta yẹn: wọn kò pe ọkọ, wọn kò gba ẹ̀rí, wọn kò sì dá ohunkóhun. Fátíwà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, aya ọkọ àkọ́kọ́ ló sì jẹ́ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ ní ìwé báńkì tó fi hàn pé òun ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àkáǹtì àbúrò òun, tí àbúrò náà sì ń ná an.

Ọ̀nà tó yẹ ni kí ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Kádì. Níbi tí Kádì kò bá sí, ọ̀nà Málíkì gbà kí àwọn Mùsùlùmí olódodo tó mọ òfin dúró ní ipò rẹ̀: kí wọ́n wá ọkọ, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní gbèdéke, kí wọ́n tó tú u. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ni ìdà bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́hun rẹ̀, bí ààwẹ̀ tí aláìsàn jẹ tàbí ìrun tí a gbàgbé, fátíwà tó. Bí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn bá ti wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹnì kejì?

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.