Ìgbésẹ̀ tó ń kúrú, ìgbésẹ̀ tí kì í yí padà: ìtàn ariwo tó ń kù nílẹ̀

Ní ọdún 1951, Herbert Robbins àti Sutton Monro ti Yunifásítì Àríwá Karoláínà ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè kan kalẹ̀. Ká ní a fẹ́ mọ ìwọ̀n oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ lára ìdajì àwọn tó bá lò ó. Kò sí bí a ṣe lè fojú rí ìwọ̀n náà. Ìdánwò nìkan la lè ṣe, ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì ní àṣìṣe àrìnnàkò tirẹ̀ nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ariwo. Báwo la ṣe máa gba inú irú èsì bẹ́ẹ̀ dé ojú ibi tó tọ́ gan-an, tí a kò ní máa yí i ká títí ayé?

Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé, lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ká sún àbá wa síhà ibi tí èsì náà tọ́ka sí, ṣùgbọ́n kí ìgbésẹ̀ wa máa kúrú sí i. Àdéhùn méjì ni wọ́n so mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, bí a bá ro gbogbo ìgbésẹ̀ náà pọ̀, àròpọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ní òpin, kí a lè dé ibi tí à ń lọ bó ti wù kí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà tó. Èkejì, bí a bá fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí a tó rò wọ́n pọ̀, àròpọ̀ yẹn gbọdọ̀ ní òpin, kí ariwo tí à ń kó jọ lójú ọ̀nà lè kú tán. Ìgbésẹ̀ 1/n mú àdéhùn méjèèjì ṣẹ: 1 + 1/2 + 1/3 + … ń pọ̀ lọ láìdúró, bó tilẹ̀ ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n 1 + 1/4 + 1/9 + … kò ní kọjá 1.65 láé.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ tiwọn náà nìyí. Bí àpẹẹrẹ tó wà nílẹ̀ bá tó mílíọ̀nù kan, ó ná ni púpọ̀ láti ṣírò ìdagẹ̀rẹ̀ àṣìṣe lórí gbogbo wọn kí a tó gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n á mú ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí ọwọ́ bá bà, wọ́n á sì tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo yìí ni ìdánwò aláriwo ti Robbins àti Monro.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n kan tí kì í dúró lójú kan ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹrù kan wà lórí rẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá wò ó ni iye tó fi hàn ń fi bíi kílò kan yàtọ̀ sí òtítọ́, sókè tàbí sísàlẹ̀. Àbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí òtítọ́ ní kílò 10. Bí `y` bá jẹ́ iye tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, `x` jẹ́ àbá wa, tí `a` sì jẹ́ ìwọ̀n ìgbésẹ̀, gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìlà kan lọ:

```
x = x - a * (x - y)
```

Bí `a` bá dúró lórí 0.1, ìdámẹ́wàá ohun tó kù nínú kílò 10 náà ń ṣí lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn bíi ìgbésẹ̀ 36, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò. Ó yá kánkán, àmọ́ ibẹ̀ ló parí sí. Àbá wa yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì ní nǹkan bíi kílò 0.23, bí a tilẹ̀ ka òṣùwọ̀n náà ní ìgbà mílíọ̀nù kan sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá dé ojú òtítọ́, ìdagẹ̀rẹ̀ tòótọ́ ti di òfo, ṣùgbọ́n iye tí à ń kà kò yéé fì. Ìkà tuntun kọ̀ọ̀kan ń tì wá kúrò níbẹ̀, ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e sì ń fà wá padà. Ibi tí títì àti fífà bá ti dọ́gba ni ilẹ̀ ariwo. Ìṣirò fi hàn pé, nínú àpẹẹrẹ wa yìí, bí a bá fi ìwọ̀n fífì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, `a/(2 - a)` ni yóò jẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ yóò san owó rẹ̀. Kí fífì tó lè dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, sí 0.022, ìgbésẹ̀ ní láti dín kù ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, sí 0.001. Ìrìn dé orí ilẹ̀ ariwo, tó gba ìgbésẹ̀ 36 tẹ́lẹ̀, yóò wá gba bíi 6,100. Ní ti ìgbésẹ̀ 1/n, ìpíndọ́gba gbogbo ohun tí a ti kà ló máa ń fún wa. Kò ní ilẹ̀ kankan, àṣìṣe rẹ̀ lẹ́yìn ìkà 1,000 kò ju bíi 0.032 lọ, a sì ti gbàgbé kílò 10 àkọ́kọ́ náà láti ìkà kìíní.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi ń lo ìgbésẹ̀ tí kì í yí padà? Bernard Widrow àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ted Hoff, ní Yunifásítì Stanford, lò ó nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1960. Ọ̀nà tiwọn yìí ló wọ inú ẹ̀rọ tó ń pa gbohùngbohùn rẹ́ lórí tẹlifóònù. Okùn tẹlifóònù kì í wà bákan náà lónìí àti lọ́la: òtítọ́ fúnra rẹ̀ ń rìn. Ní ìkà ẹlẹ́gbẹ̀rún, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni 1/n ń gbà nínú ìròyìn tuntun, etí rẹ̀ ti di. Widrow mọ̀ pé àṣìṣe yóò máa ṣẹ́kù, ó ṣírò bó ṣe pọ̀ tó, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí owó orí ohun tó rà.

1/n ní ọ̀fìn mìíràn tó burú ju etí dídi lọ. Àpẹẹrẹ òṣùwọ̀n wa ṣàánú rẹ̀ ni, torí pé ìtẹ̀kòtò ilẹ̀ ibẹ̀ bá 1/n mu wẹ́kú. Ní 2009, Nemirovski, Juditsky, Lan àti Shapiro mú àwo kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, x²/10, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 1, wọ́n sì lo 1/n láìsí ariwo kankan. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bílíọ̀nù kan, ìṣirò fi hàn pé a ṣì jìnnà sí ìsàlẹ̀ àwo náà ní ohun tó lé ní 0.013. Ìgbésẹ̀ ti kúrú tán kí a tó débì kan. Ẹni tó bá wo irú èsì bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti dé, nítorí pé nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira mọ́.

David Ruppert ní 1988, àti Boris Polyak pẹ̀lú Anatoli Juditsky ní 1992, ló wá ọ̀nà gba àárín kọjá. Má ṣe jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kúrú tó 1/n. Jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o wá ṣírò ìpíndọ́gba gbogbo ibi tí o ti gbà kọjá. Àbá tó ń fì yí òtítọ́ ká máa ń pa fífì ara rẹ̀ rẹ́ bí a bá pín in dọ́gba. Lójú tèmi, òun ló gún régé jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tòde òní kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Ní nǹkan bíi 2012 sí 2015, àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ̀. Nínú iṣẹ́ tí Krizhevsky, Sutskever àti Hinton ṣe lórí àwòrán ní 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 0.01, wọ́n sì pín in sí mẹ́wàá ní ìgbà mẹ́ta kó tó parí. He àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1 ní 2015, wọ́n ń pín in sí mẹ́wàá nígbà tí àṣìṣe kò bá lọ sísàlẹ̀ mọ́. Lórí àwòrán àṣìṣe wọn, èèyàn á rí i tí ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì já wálẹ̀ lójijì ní kété tí wọ́n gé ìgbésẹ̀ kù. Apá kan nínú jíjá yẹn ni ilẹ̀ ariwo tó lọ sísàlẹ̀.

Mímọ ìgbà tó yẹ ká gé e ni iṣẹ́. Georg Pflug dábàá láàárín ọdún 1980 sí 1990 pé ká máa fi ìdagẹ̀rẹ̀ tuntun wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣì ń rìn, àwọn méjèèjì sábà máa ń kọjú síbì kan náà. Nígbà tí a bá ti dé orí ilẹ̀ ariwo, wọ́n á máa kọ ẹ̀yìn síra wọn lọ́pọ̀ ìgbà ju bí wọ́n ṣe ń fohùn ṣọ̀kan lọ.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ariwo ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àwo. Bí ojúùtù kan ṣoṣo bá tẹ́ gbogbo àpẹẹrẹ lọ́rùn láìkù síbì kan, ìdagẹ̀rẹ̀ àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ni yóò di òfo níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò tì wá kúrò. Ọ̀nà tí Stefan Kaczmarz fi ń yanjú ọ̀pọ̀ ìdọ́gba ní 1937 wà nínú irú yìí. Ní 2009, Thomas Strohmer àti Roman Vershynin fi hàn pé bí a bá ń fi àrìnnàkò mú ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ìdọ́gba náà kò sì ta ko ara wọn, àṣìṣe yóò máa fi ìdá kan náà dín kù, ní ìpíndọ́gba, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìgé ìgbésẹ̀ kù rárá. Bí àṣìṣe díẹ̀ bá wọ inú àwọn nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún ìdọ́gba, ilẹ̀ náà tún padà dé.