Gbèsè Nínú Ilé: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ọmọ Gbọ́?

"Lọ sọ fún wọn pé bàbá ẹ ò sí nílé." Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti rán níṣẹ́ yìí nígbà tí ẹni tí bàbá wọn jẹ lówó kan ilẹ̀kùn. Inú irọ́ tí wọ́n rán an pa ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ilé wọn jẹ gbèsè, láìsí ẹni tó là á yé e.

Láyé ìwọ̀fà, kò sí bí wọ́n ṣe lè fi gbèsè pa mọ́. Samuel Johnson ṣàpèjúwe ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: òbí tó yáwó lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé, títí wọn yóò fi san owó olówó. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yáwó. Àwọn ayánilówó kan máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù onígbèsè, débi pé àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde ní 2022 láti kápá wọn. Ọmọ lè ti ìta gbọ́ kí òbí tó lanu.

Kí ni ìnira owó máa ń ṣe fún ọmọ? Ìwé tí onímọ̀ nípa àwùjọ, Glen Elder, kọ ní 1974 dá lórí ọmọ 167 ní Oakland, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1920 àti 1921. Nínú àwọn ilé tí owó ti wọ́n nígbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930, àwọn ọmọkùnrin ń wá iṣẹ́ owó, àwọn ọmọbìnrin ń gbọ́ tilé, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn ọmọkùnrin tó kéré sí wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ní Berkeley, ni ìyà náà jẹ jù. Olùwádìí míì, Rand Conger, náà rí i láàrin àwọn ará ìpínlẹ̀ Iowa, lẹ́yìn tí nǹkan le fún àgbẹ̀ ibẹ̀ láàrin 1980 sí 1989, pé ìbànújẹ́ àti ìjà òbí ni àìrówó máa ń gbà dé ara ọmọ. Ìnira ni àwọn méjèèjì wọ̀n, wọn kò wọn ọ̀rọ̀ tí òbí sọ. Síbẹ̀, ó hàn pé ọjọ́ orí ọmọ ṣe pàtàkì, àti pé ìdákẹ́ kò bo ìjà.

Ká fi ilé kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ní oṣù keje, owó alájẹṣẹ́kù sì wà lọ́rùn. Bàbá àti ìyá kọ́kọ́ fẹnu kò, wọ́n wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, torí pé wọ́n máa pààrọ̀ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún márùn-ún gbọ́ pé iṣẹ́ dádì ti parí, pé wọn ó ṣì máa jẹun, wọn ó ṣì máa sùn níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́ ohun tó máa yí padà, àti pé òun kọ́ ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́ nípa owó tí wọ́n yá, ó sì dá sí ohun tí wọn yóò dín kù, àmọ́ wọn kò gbé ìjà pẹ̀lú onídùúró kà á láyà.

Bí ọmọ bá dẹ́kun bíbéèrè owó ìwé, tó ń fi lẹ́tà ilé-ìwé pa mọ́, tàbí tó di olùtùnú ìyá rẹ̀, ẹrù ti wúwo jù fún un. Kí òbí tún un sọ, kó sì gba ẹrù náà padà. Bí ẹni tó wá béèrè owó bá kan ilẹ̀kùn, àgbà ni kó jáde sí i.