Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Òfin Gúrúùpù Wáàsáàpù Ìjọ Láì Bí Àgbà Nínú

Ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bójú tó gúrúùpù Wáàsáàpù ìjọ, àmọ́ àwọn ìyá àti bàbá ìjọ ló máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ síbẹ̀ jù. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún màmá ẹni ọdún 60 pé kí wọ́n má gbé pósítà olóṣèlú síbẹ̀ mọ́? Òfin tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ló máa gbà yín.

"Ẹ yẹra fún òṣèlú" ò tó, torí kálukú máa túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ dárúkọ nǹkan náà gan-an:

"Ẹ̀yin ará wa, ẹgbẹ́ òṣèlú wa lè yàtọ̀, ìjọ kan náà la jẹ́. A kì í gbé pósítà, fídíò tàbí orúkọ olùdíje síbí, yálà láti yìn ín tàbí láti bú u. Ìkéde nípa gbígba káàdì ìdìbò ò léèwọ̀."

Ẹ wo "a kì í" yẹn. Ó kan ẹni tó kọ òfin náà pẹ̀lú. "Ẹ ò gbọdọ̀" máa ń dún bíi pé ọmọdé ń pàṣẹ fún àgbà.

Ní ti ìpolówó, ẹ má fòfin dè é pátápátá. Ọlọ́jà pọ̀ nínú ìjọ. Bẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ fún wọn lọ́jọ́ kan:

"Sátidé, aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ni ọjà wa. Ìpolówó kan fún ẹnì kan, pẹ̀lú iye owó. A kì í polówó ètò tó ń ṣèlérí èlé lórí owó níbí."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Tówó bá wọgbó, wọ́n á ní gúrúùpù ìjọ làwọn ti rí i.

Ti alẹ́ wá ńkọ́?

"Láti aago 10 alẹ́ sí aago 5 ìdájí, ẹ jẹ́ ká sinmi. Bí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe alàgbà lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ síbí."

Ìdí ni pé ẹni tó lè ranni lọ́wọ́ lè ti pa ohùn gúrúùpù náà. Ìpè ló máa jí i.

Ká wá ní màmá kan gbé àǹkárá síbẹ̀ ní aago 11:40 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ lè yọ ọ́ pẹ̀lú "Delete for everyone", àmọ́ gbogbo èèyàn máa rí i pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀:

"Ẹ kú alẹ́ mà. Àǹkárá yín rẹwà gan-an. Sátidé ni ọjà wa, torí náà mo fẹ́ yọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbé e padà lọ́jọ́ náà."

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, alàgbà ni kó pè wọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí sínú òfin, kí ẹ sì fi gbogbo ẹ̀ sí "Group description". Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè gúrúùpù ni, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 30, á ti kúrò níbẹ̀.