Jíjẹ́ ènìyàn nínú ìmọ̀ òye Áfíríkà

Jíjẹ́ ènìyàn nínú ìmọ̀ òye Áfíríkà jẹ́ èrò pé àwùjọ ni ó ń sọ ẹni tí a bí di ènìyàn. Ó yàtọ̀ sí èrò John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé olúkúlùkù ni ó ni ara rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn, bíi ti Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀ agbo ilé. Mọ́gàjí kàn ń bójú tó o ni. Ọmọ ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ nítorí pé ẹbí náà ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́lé síbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ ilé náà ṣì jẹ́ ti ẹbí. Bí ó bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Olórí náà kò bọ́: bí kò bá gba ìyọ̀nda àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé títà rẹ̀.

Ní ọdún 1984, Ifeanyi Menkiti kọ ọ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń di ènìyàn, bí ó ti ń ṣe ojúṣe rẹ̀ láwùjọ. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ó kùnà. Lóòótọ́, Yorùbá a máa sọ nípa àgbàlagbà oníwà burúkú pé kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n Kwame Gyekye, ọmọ Gánà, takò ó ní ọdún 1992: ìwà ni àwùjọ ń díwọ̀n, a ti bí ẹni náà ní ènìyàn. Àtakò yìí lágbára, nítorí ọmọ ọwọ́ inú agbo ilé pàápàá ti ní ìpín tirẹ̀ nínú ilẹ̀ náà.