Orin Tó Ń Yàgò

Nínú ìwé ìlànà kékeré kan tí wọ́n gbé fún mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ wò, mo ka gbólóhùn kan tó ní kí òǹkàwé "lo pẹ́pẹ́yẹ aládàáṣe" kí orin abẹ́ ìtàn lè lọ sílẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò ṣe àwàdà o. Ó rí `Auto Duck` lójú Audacity, ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì gbé ohun tó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó yára tẹ orí ba kí nǹkan má baà gbá a ni àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ ní lọ́kàn. Orin ń dún lábẹ́ ìtàn. Bí asọ̀tàn bá ti la ẹnu, orin á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, bó bá sì dákẹ́, orin á gòkè padà, láìsí ẹni tó fọwọ́ yí nǹkan kan.

A wá ń wá orúkọ. "Ìtẹríba" ni ẹnìkan kọ́kọ́ dá lábàá. Ó dùn létí, àmọ́ ìwà ọmọlúàbí ni ìtẹríba, orin ò sì níwà. Ẹlòmíràn ní ká lo "bẹ̀rẹ̀", bí ìgbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ka igi kọjá. A kọ ọ́ sílẹ̀, a kà á, a bú sẹ́rìn-ín: "Bí asọ̀tàn bá la ẹnu, kí orin bẹ̀rẹ̀." Ta ni yóò ka èyí tí kò ní gbé orin sókè?

Bàbá onílù tó bá wa lu dùndún sí ìtàn Ìjàpá tí à ń gbà sílẹ̀ ló yọ wá nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe lóde bí akéwì bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. "À á yàgò fún un ni. A ò ní dákẹ́, ṣùgbọ́n à á yàgò."

Mo mú un lọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnìkan takò ó pé ẹni tó bá yàgò fún egúngún ti kúrò lọ́nà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ orin tiwa ṣì wà níbẹ̀. Kò parọ́. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà tóóró, ẹni tó yàgò fún ẹlẹ́rù kò wọ igbó. Ó fẹ̀gbẹ́ kan rìn ni, bí ẹlẹ́rù bá sì ti kọjá, ó padà sí àárín ọ̀nà. Bí "ìyàgò" ṣe dúró nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kò lè dá dúró: ẹni tó ń yàgò gbọ́dọ̀ máa yàgò fún ẹnìkan. Bí àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì náà ṣe ṣe nìyẹn. Wọn ò tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Àjọṣe òun àti ẹni tó ń gbọ́ ọ ni wọ́n wò.

Ọ̀rọ̀ kejì ló fẹ́ mú wa lọ́rùn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dín ìró kù bí ìró bá ti ga ju ìwọ̀n kan lọ, a sì pè é ní adínrókù. Adínrókù lásán, ìró tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbọ́, òun náà ló sì ń dín kù. Nínú ìyàgò, a máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: ọwọ́ ẹ̀rọ wà lára orin, etí rẹ̀ sì wà lára ohùn asọ̀tàn. Orúkọ tí wọ́n fún ohùn tí ẹ̀rọ ń tẹ́tí sí yìí, bí a bá tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "ẹ̀wọ̀n ẹ̀gbẹ́" ni yóò dà, asọ̀tàn yóò sì dà bí ẹni tí wọ́n ti mọ́lé. A pè é ní "ohùn atọ́nà". Ó tún wúlò fún Audacity, nítorí níbẹ̀, ìlà ohùn tó ń darí orin gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìlà orin gan-an. Bó bá wà lókè, ẹ̀rọ ò ní rí i lò.

Èmi ò ka èyí sí ọ̀rọ̀ àṣejù, torí mo ti rí ibi tí orúkọ tí kò yé ènìyàn ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa po ohùn pọ̀ rí `threshold` nínú àṣẹ tó ń tẹ̀. Ó rò pé ti orin ni. Orin náà kò yàgò tó létí rẹ̀, ló bá gbé orin sókè, pé bóyá yóò kọjá ìwọ̀n náà kí ẹ̀rọ lè rí i mú. Orin wá bo ìyá asọ̀tàn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ti ohùn ni ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe ti orin. Bí orin ìbáà pariwo, bí ìbáà rọra, gíga ohùn nìkan ló ń sọ iye tí ẹ̀rọ yóò mú kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la kò ti kọ "ààlà" lásán mọ́, "ààlà atọ́nà" la máa ń kọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó ṣì í.

Àṣẹ tí ó tẹ̀ nìyí. A kò fi àmì ohùn sí orúkọ inú rẹ̀, ẹ forí jì wá:

```
ffmpeg -i itan.wav -i ilu.wav -filter_complex \
"[0:a]asplit=2[ohun][atona];\
[1:a][atona]sidechaincompress=threshold=0.03:ratio=6:attack=20:release=250[abe];\
[ohun][abe]amix=inputs=2:duration=first:normalize=0" ipari.wav
```

Ìtàn pín sí méjì: ọ̀kan ni a ó gbọ́, èkejì ni atọ́nà. 0.03 tó jẹ́ ààlà atọ́nà tó nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 30 sísàlẹ̀ ìwọ̀n tó ga jù tí fáìlì lè gbà. Ohùn ìyá asọ̀tàn, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ geerege, wà ní nǹkan bí 18 sísàlẹ̀. Ó fi nǹkan bí 12 kọjá ààlà. Mẹ́fà sí ọ̀kan tí a kọ sí `ratio` túmọ̀ sí pé nínú dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà tí ohùn bá fi kọjá, ẹ̀rọ yóò mú márùn-ún kúrò lára orin. Orin wálẹ̀ ní 10. Ó dára lójú ìwé.

Létí, kò dára. Bí gbólóhùn bá ti ń lọ sópin, ìlù á ti máa gòkè bọ̀ kí ìyá tó parí ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èdè wa gan-an ló fà á. Ohùn Yorùbá máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń gùn, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá sì wà ní ìparí a máa rì wọlẹ̀ bí ẹni pé asọ̀tàn ń mí sínú rẹ̀. "Ìjàpá bá wọ inú ọkọ̀": nígbà tí a wọn "kọ̀" ìkẹyìn yẹn, ó wà ní nǹkan bí 32 sísàlẹ̀. Kò dé ààlà. Lójú ẹ̀rọ, ìyá ti dákẹ́. Ìlù gun orí rẹ̀, olùgbọ́ ò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ́.

A sọ ààlà kalẹ̀ sí 0.015, ìyẹn nǹkan bí 36 sísàlẹ̀. Bí a bá fi mẹ́fà sí ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin ìbá máa wálẹ̀ ní 15 láàárín gbólóhùn, yóò sì dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. A sọ ọ́ di mẹ́ta sí ọ̀kan. Orin wá ń wálẹ̀ ní bí 12 láàárín ọ̀rọ̀, ó sì ń yà díẹ̀, bíi 3, fún ohùn ìsàlẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ má sọ ààlà kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣá, àgàgà níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀yìn fèrèsé. Bí ariwo yẹn bá fi lè kọjá ààlà, ẹ̀rọ yóò gbà pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Ẹ óò sì mọ̀: orin á lọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní padà, kódà níbi tí gbogbo ilé ti dákẹ́.

Ó ku `attack` àti `release`. "Ìkọlù" àti "ìtúsílẹ̀" ni ìwé náà pè wọ́n, bí ẹni ń ka ìròyìn ogun. Ìgbà ni méjèèjì: ìgbà tó gba orin láti yà, àti ìgbà tó gbà á láti padà. A pè wọ́n ní "ìtètèyà" àti "ìpadàbọ̀". Ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí àṣẹ náà fún ìtètèyà kò burú, nítorí bó bá yá jù, etí á gbọ́ bí orin ṣe já ṣáńṣán. Ìpadàbọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ìdá 250 kéré sí àlàfo tí asọ̀tàn fi ń mí, nítorí náà orin ń dìde, ó ń ṣubú láàárín ọ̀rọ̀ méjì, bí ẹni tó sáré dé. "Ó ń mí hẹlẹ" ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wí, a sì sọ àbùkù náà ní "ìmíhẹlẹ" lójú ẹsẹ̀. A gbé e lọ sí 800, ó sì simi. (Audacity gba ọ̀nà míràn: ó máa ń dúró kí àlàfo kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó jẹ́ kí orin padà. Ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá kí ohùn tó dé, torí ó ti ka fáìlì náà ṣáájú. "Àyàsílẹ̀" la pe ìyẹn.) `ratio` ṣì wà láìlórúkọ. "Ìpín" la kọ síbẹ̀, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

A pe bàbá onílù wá gbọ́ ohun tí a ṣe. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí Ìjàpá ti bọ́ sómi, tí ìyá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ká dá a dúró.

"Ẹ ti gé ọ̀rọ̀ mi."

Mo ní ìlù ṣì ń dún lábẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dá ìlù nìkan gbọ́, ó yé mi. Wọ́n ti fi dùndún bú Ìjàpá níbẹ̀, gbólóhùn odidi kan. Abẹ́ ohùn ìyá ni ìdajì rẹ̀ wà, èyí tó kù ló bọ́ sínú àlàfo, orin sì padà gòkè nígbà tí èébú ti ń parí lọ. Bó bá jẹ́ gìtá ni, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀. A ò fọwọ́ kan ààlà, a ò fọwọ́ kan ìpadàbọ̀. A gé ìlà ìlù níbẹ̀, a fi ìṣẹ́jú àáyá méjì tì í síwájú, a sì fẹ àlàfo ìyá díẹ̀ kí èébú náà lè rí ààyè jókòó sí. Bàbá ní ká tún un gbé sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà tó débẹ̀.